Ìlà Mẹ́ta fún Fíríìjì Àlájà

Ohùn ni Rùqáyyà fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ohùn àwọn ènìyàn tí kò rí rí ló ń wọlé sí i létí: ohùn àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò ní Gamkalley, ohùn obìnrin tó ń ta omi dídì, ohùn ọkùnrin kan tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe wáàsí. Gbogbo wọn ló ra fíríìjì olóòrùn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan náà, fíríìjì kékeré tó ń gba agbára láti ara pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ní ọ̀sán, tí bàtírì sì ń gbé e di ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí kò bá tutù mọ́, Rùqáyyà ni wọ́n ń pè.

Niamey ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ta aṣọ, wọ́n sì ń gbé ní Kirkissoye, ní òdìkejì odò. Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìpè, ọlọ́rọ̀ ni. Zarma ń wọlé, Haúsá ń wọlé, Yorùbá ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Faransé sì ni gbogbo wọn ń di nígbà tí wọ́n bá dé orí ìka rẹ̀. Nínú oṣù kẹrin, tí ooru bá mú ara débi pé ògiri gan-an dà bí ẹni pé ó fẹ́ tòògbé, ó máa ń ṣe é bíi pé òun kọ́ ló ń tẹ ọ̀rọ̀ náà, bíi pé ọ̀rọ̀ ń ti ibì kan ṣàn gba ara òun kọjá lọ sí ibòmíràn.

Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fún un. Bí ìpè bá ti parí, kí òmíràn tó wọlé, ìṣẹ́jú méjì péré ló ní láti fi kọ tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí yóò dúró fún gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ìlà kìíní: kí ni oníbàárà ń ráhùn lé lórí. Ìlà kejì: kí ló fà á. Ìlà kẹta: kí la ṣèlérí, ta ni yóò ṣe é, ìgbà wo. Hàkímù tó ń lọ tún nǹkan ṣe nínú ilé àwọn ènìyàn kì í gbọ́ ìpè kankan, ìlà mẹ́ta yìí nìkan ló ń rí lórí fóònù rẹ̀. Ìlà kejì gan-an ló sì ń pín ọ̀nà. Bí o bá kọ pé bàtírì ló bàjẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì á lọ tò sẹ́yìn àwọn tó ń dúró de bàtírì, ọjọ́ mẹ́fà. Bí o bá kọ nǹkan mìíràn, Hàkímù á dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tíì fojú rí ohun tó fà á, wọ́n ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: a fura sí i, a kò tíì rí i.

Rùqáyyà mọ ọ̀rọ̀ gé. Ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú, á gé e títí á fi wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Khàlíd tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti lẹ ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri kí àwọn yòókù lè fi í kọ́gbọ́n. Orí rẹ̀ wú, ta ni orí rẹ̀ ò ní wú? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá yìn fún gígé, kò ní pẹ́ gé ohun tí kò yẹ kó gé.

Ìpè Àlájà Mọ́rìlíátù wọlé ní ọjọ́ Ajé, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣe ń kọjá.

"Ṣé Yorùbá lo fi dáhùn yẹn, ọmọ mi?" ni ohùn àgbàlagbà obìnrin kan wí. "Alihamudulilai. Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru."

"Ẹ kú ooru, mà. Ẹ kú ilé."

"Ṣé àlàáfíà lo jí? Bàbá ńkọ́? Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. A dúpẹ́."

Ọwọ́ Rùqáyyà kúrò lórí ohun ìtẹ̀wé. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wọn pé ìkíni kì í wọ tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ oníbàárà Yorùbá kò lè ráhùn láì kọ́kọ́ dúpẹ́. Nítorí náà ibi ìkíni ni ibi ìsinmi. Ó mu omi. Ó tún gèlè orí rẹ̀ ṣe. Ọkàn rẹ̀ rìn jáde lójú fèrèsé, ó lọ sórí odò tó ti fà sẹ́yìn ní àkókò yìí, tí iyanrìn ti yọ láàárín rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi kan sì dúró lójú kan bíi pé ẹni tó ń tù ú ti sùn lọ. "Àmín, mà," ni ẹnu rẹ̀ ń wí. "Ọlọ́run á ṣe é, mà." Ẹnu mọ ọ̀nà, kò nílò rẹ̀. Nínú etí rẹ̀, ohùn náà ń ka àánú Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan: Áfáà jí, àwọn ọmọ kéwú pọ̀ sí i, aládùúgbò ṣe báyìí, wọ́n ń jókòó síta. "Àmín, mà."

"Fírígò wa ni mo tìtorí ẹ̀ pè, ọmọ mi," ni Àlájà wí níkẹyìn. Ọkàn Rùqáyyà padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ sì padà sórí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́. Àlájà Mọ́rìlíátù àti ọkọ rẹ̀, Áfáà ará Ìlọrin kan tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Yantala, ti ń lo fíríìjì náà fún ọdún mẹ́ta. Wọn kì í fi omi tútù sínú rẹ̀, wọn kì í fi ẹran sínú rẹ̀. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà Áfáà ló wà níbẹ̀, ínsúlíìnì tó máa tó o fún oṣù méjì. Láti ọjọ́ mẹ́rin, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, fíríìjì á dákẹ́, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa kírun àsùbá, inú rẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ti kó oògùn sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi iyanrìn tútù yí ká. Nọ́ọ̀sì ní ìkòkò lè gbà wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e, ooru yìí lè ba oògùn jẹ́ kí ojú má sì mọ̀ ọ́n.

"Ṣé oòrùn ń bá pánẹ́ẹ̀lì yín, mà?" Ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un nìyẹn.

Àlájà rẹ́rìn-ín. "Oòrùn? Ní Niamey? Ta ni oòrùn kì í bá?"

Rùqáyyà náà rẹ́rìn-ín, ó sì ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta. Ó ń kú lálẹ́. Bàtírì ni, kò sí àní-àní. Ó sọ fún Àlájà pé wọn yóò gbé bàtírì tuntun wá láàárín ọjọ́ mẹ́fà.

"Ọjọ́ mẹ́fà," ni Àlájà wí. "Kala suuru, báwọn onílẹ̀ ṣe máa ń wí. A ó ṣe sùúrù. Ọlọ́run á bùkún ẹ."

Rùqáyyà kọ ọ́. Ìráhùn: fíríìjì kì í tutù di òwúrọ̀, oògùn ínsúlíìnì wà nínú ewu. Ìdí: bàtírì ti gbó. Ìlérí: bàtírì tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ìṣẹ́jú kan kò pé tó fi tán, ó sì dùn ún wò. Kò kọ pé a fura sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ń mú kí ìlà gùn.

Ìpè mìíràn wọlé.

Nígbà tó di ọ̀sán, ooru ti sọ gbogbo ìlú di ohun tí èèyàn ń rí nínú omi. Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì ń mì lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun alásárì tó, Rùqáyyà gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kírun. Ní àárọ̀, oòrùn ń ta ibẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé lé e. Ní báyìí ògiri ti da ibòòji lé gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ sì tutù lábẹ́ ẹní. Ó jókòó láti mí díẹ̀ kó tó dìde sí ìrun, ara tù ú, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Alihamudulilai fún ibòòji yìí."

Ó gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Ẹnì kan ti dúpẹ́ lórí ibòòji sí òun létí lónìí, ó mọ̀, àmọ́ ó dà bí ohun tí èèyàn lá lálàá tí kò rántí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó kírun, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run dárí jì í, ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìrun náà. Ó ń wá ohùn kan.

Nígbà tó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ṣí ohùn ìpè òwúrọ̀, nítorí gbogbo ìpè ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀. Ó tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ibi tí kì í tẹ́tí sí.

"...aládùúgbò wa náà ti parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ọmọ mi, Ọlọ́run ló fi ràn wá lọ́wọ́. Bí a bá ti kírun àyìlà ọ̀sán tán báyìí, ibòòji rẹ̀ á ti bo gbogbo àgbàlá wa àti orí ilé wa. Áfáà ń kọ́ àwọn ọmọ níta, orí wọn kì í gbóná mọ́. Àánú ńlá ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn Rùqáyyà fúnra rẹ̀, ó dùn, ó tutù, ó jìnnà réré: "Àmín, mà."

Ojú tì í. Kò sí ẹni tó ń wò ó, ojú sì tì í títí etí rẹ̀ fi gbóná nínú kásìkì, ohun ìgbọ́rọ̀ tó fi bo etí. Pánẹ́ẹ̀lì kan tí kì í rí oòrùn mọ́ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kí ni yóò fi bọ́ bàtírì? Bí wọ́n bá gbé bàtírì tuntun mẹ́wàá wá, wọn yóò kàn dúró lófìfo síbẹ̀ ni. Àlájà kò purọ́, kò gbàgbé, kò fi nǹkan pamọ́. Ó ti sọ ohun tó fà á kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àárín àánú tó ń kà ló fi í sí.

Ó lọ bá Khàlíd.

"Mo fẹ́ pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́," ló wí.

"A kì í pa á rẹ́." Khàlíd kò gbójú sókè. Ọmọ Haúsá tó fẹ́ràn ìlànà bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn tíì ni. "O ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ, o ó sì kọ ọ́ pé ti àkọ́kọ́ kò tọ́. Kí Hàkímù rí méjèèjì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ fún un. Ó ṣòro láti sọ, nítorí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó wà lára ògiri ń wo òun láti ẹ̀yìn Khàlíd.

"To, ó dáa," ni Khàlíd wí. "Pe obìnrin náà kó o tó kọ nǹkan kan. Kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ pé ilé aládùúgbò ló dí oòrùn."

Rùqáyyà pe Àlájà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kí i títí ìkíni fi tán, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ ibòòji náà, inú Àlájà dùn láti tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dé orí ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bo pánẹ́ẹ̀lì, kí aago méjì tó lù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n parí ògiri òkè.

"Òun ló jẹ́ kí fíríìjì yín máa kú, mà. Kì í ṣe bàtírì. Ẹ má dúró de bàtírì mọ́, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ilé aládùúgbò yín ló dí oòrùn."

Rùqáyyà ń gbọ́ àwọn ọmọ kéwú lẹ́yìn Àlájà, ohùn wọn ń lọ sókè sódò, bíi pé láti ìsàlẹ̀ kànga ni wọ́n ti ń kà á.

"Má kọ ọ́, ọmọ mi," ni Àlájà wí.

"Mà?"

"Má kọ orúkọ ilé ẹni ẹlẹ́ni síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ wà. Zarma ni, ọmọ onílẹ̀, àwa sì jẹ́ àlejò. Lọ́jọ́ tí Áfáà kọ́kọ́ dákú, ta ló gbé e sínú mọ́tò lọ sí ọsibítù? Òun ni. Ó kọ́ ilé fún àwọn ọmọ rẹ̀, èmi ni mo ń jókòó sábẹ́ ibòòji rẹ̀, mo wá pe iléeṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹ̀ mí? Ẹnu á gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á ka ìyẹn sí i létí."

"Ṣùgbọ́n, mà, bí mi ò bá kọ ohun tó fà á, bàtírì ni wọ́n máa gbé wá lọ́jọ́ mẹ́fà sí i, bàtírì náà á sì tún kú. Oògùn ńkọ́?"

"Mo mọ̀." Ohùn àgbàlagbà náà ti rẹ̀ ẹ́. "Oògùn oṣù méjì ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n da méjì nù lánàá, àwọn tí kò tètè wọnú ìkòkò. Mo mọ̀, ọmọ mi. Síbẹ̀ má kọ ọ́."

Rùqáyyà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láyé rẹ̀, kò tíì rí ìlà tó wúwo tó báyìí. Bí ó bá kọ òtítọ́, Àlájà á sọ aládùúgbò rẹ̀ nù. Bí kò bá kọ ọ́, Áfáà á sọ oògùn rẹ̀ nù, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń dún lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ nísinsìnyí, tó ń tún lẹ́tà kan náà pè fún ọmọ tí kò gbọ́. Ó wo aago ìpè tó ń kà lọ lórí ojú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó jẹ́ kó máa kà.

Kí ló fà á, lóòótọ́? Ilé náà kò ṣe nǹkan kan. Oòrùn náà kò yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbi tí kò yẹ kó wà mọ́.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo fẹ́ kọ fún yín. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mi ò ní kọ ọ́."

"Kà á."

Ó tẹ̀ ẹ́ ní Faransé, ó sì ń kà á ní Yorùbá. "Ìdí: ibi tí pánẹ́ẹ̀lì wà. Òjìji ń bò ó láti bí aago méjì ọ̀sán, bàtírì kì í kún."

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ẹni mélòó ló wà nínú rẹ̀?" ni Àlájà béèrè.

Rùqáyyà wò ó. "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, mà. Pánẹ́ẹ̀lì àti òjìji nìkan ni."

Àlájà mí kanlẹ̀. "Ṣé kì í ṣe irọ́?"

"Kì í ṣe irọ́, mà. Pánẹ́ẹ̀lì là ń bọ̀ wá gbé."

"Kọ ọ́, nígbà náà."

Ó kọ ọ́. Lórí ìlà ìlérí, ó ní Hàkímù yóò dé lọ́la láàárín aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, pẹ̀lú àkàsọ̀ àti wáyà gígùn, yóò wá ibi tí oòrùn ń bà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, yóò sì gbé pánẹ́ẹ̀lì lọ síbẹ̀. Ó ka ìyẹn náà sí Àlájà létí. Àlájà ní kó sọ inṣáálà sí i. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́, nítorí Khàlíd máa ń béèrè pé aago mélòó ni inṣáálà.

Khàlíd kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Òjìji kí ni?"

"Bí Hàkímù bá débẹ̀, á rí i."

"Mo ní kó o kọ pé ilé aládùúgbò ló dí oòrùn."

"Pátírọ́ọ̀, ọ̀gá mi, a ò lè gbé ilé. Pánẹ́ẹ̀lì la lè gbé. Bí mo bá kọ ilé, Hàkímù á débẹ̀ lọ máa bá onílé jà. Bí mo bá kọ pánẹ́ẹ̀lì, á mú àkàsọ̀."

Khàlíd wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí ìlànà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé kò rí ibi tó sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. "Fi kún un pé oníbàárà ló sọ ọ́, àwa ò tíì fojú rí i," ló wí. "Kó o sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń dúró de bàtírì kó o tó lọ sílé." Ó ṣe méjèèjì. Àkọsílẹ̀ náà gùn, kò sì sí ẹni tó máa lẹ ẹ́ mọ́ ògiri.

Nígbà tó ń gba orí afárá Kennedy lọ sílé, eruku ti sọ oòrùn ìrọ̀lẹ́ di pupa ràkọ̀ràkọ̀, odò kò sì mì. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè iye ìdí tó ti kọjá lára òun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti dé ibi iṣẹ́, nínú ẹ kú ilé àti ẹ kú ooru, nígbà tí òun ń mu omi. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Kò sí bó ṣe lè mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ìpè tó wọlé tí Rùqáyyà kò fi ojú kan wo tíkẹ́ẹ̀tì Àlájà. Aago mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan. Aago mẹ́wàá, kò sí nǹkan. Ó gbọ́ ti obìnrin olómi dídì, ó gbọ́ ti ọkùnrin oníkọ́, ó kí wọn délé dóko, wọn kò mọ ohun tó ṣe é. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù, ọ̀rọ̀ Hàkímù yọ lábẹ́ tirẹ̀.

Hàkímù kì í kọ ju ìlà kan lọ. Lọ́jọ́ náà, ó kọ mẹ́ta. Ó ní òun ti wo bí ògiri ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ṣe ga tó: òrùlé ilé náà kò ní ibi kankan tí òjìji rẹ̀ kò ní bò bí ọ̀sán bá pọ́n. Ó ní bí òun ṣe ń gbé àkàsọ̀ káàkiri àgbàlá, aládùúgbò yọjú láti òkè, ó béèrè ohun tí òun ń wá, òun sì dáhùn pé oòrùn ni. Ọkùnrin náà wo pánẹ́ẹ̀lì, ó wo ògiri tirẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn lọ báyìí: "Àtúnṣe: a gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé Mísíyọ̀ Àbdùlmàlíkì, aládùúgbò oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé e síbẹ̀, òun ló sì di àkàsọ̀ mú."

Rùqáyyà kà á títí ojú rẹ̀ fi ṣe bàìbàì. Ìpè kan ń dún létí rẹ̀, kò tètè gbé e.

Wọn kì í ti tíkẹ́ẹ̀tì pa láìjẹ́ pé oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti dára, nítorí náà ó dúró di ọjọ́ kẹta, kí fíríìjì lè rí òru kan gbáko lò, kó tó pe Yantala. Ara Áfáà ńkọ́? Ó dúpẹ́. Àwọn ọmọ kéwú ńkọ́? Wọ́n ń kà á lọ. Ibòòji ńkọ́? Ó ṣì wà, àwọn ṣì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Àlájà wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?"

Rùqáyyà mọ̀ pé orúkọ aládùúgbò ló ń béèrè. "Wọ́n kọ ọ́, mà."

Ohùn Àlájà yí padà. "Níbo?"

"Ní ibi àtúnṣe, mà. Wọ́n kọ ọ́ pé òun ló fún wa ní òrùlé rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé òun ló di àkàsọ̀ mú."

Àlájà fa imú díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì padà dé pẹ̀lú omi nínú rẹ̀. "Ìyẹn dáa. Kí ìyẹn wà níbẹ̀ kánrinkése."

"Fíríìjì ńkọ́, mà? Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣé ó tutù di òwúrọ̀?"

"O fẹ́ gbọ́ ọ? Dúró."

Ẹsẹ̀ ń wọ́ lórí iyanrìn. Ilẹ̀kùn kan ṣí. Ohùn àwọn ọmọ kéwú jìnnà, nǹkan kékeré kan lu nǹkan kékeré mìíràn bí ìgò ṣe ń lu ìgò, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn padé, gbogbo ayé sì dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Rùqáyyà. Àlájà ti gbé fóònù sínú fíríìjì.

Níta, ooru ti lé ní ogójì dígírì, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Nínú etí rẹ̀, nínú òkùnkùn ibì kan ní Yantala, láàárín oògùn àgbàlagbà kan tí kò mọ̀, ẹ̀rọ kékeré náà ń kùn jẹ́jẹ́, kò sáré, kò dúró, ó ń mí bí ọmọ tó sùn tí ara rẹ̀ sì le. Aago ìpè ń kà lọ. Khàlíd kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó wo aago náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Rùqáyyà di ojú, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ kásìkì mọ́ etí, ó sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń tutù.

Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni Àlájà béèrè.

"Mo gbọ́, mà," ló wí. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."